Bí ìbéèrè ìlò ṣe ń di ìbéèrè ìrántí: ìrírí mi nídìí báńkì ìbéèrè maikirobaọ́lọ́jì

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú báńkì ìbéèrè maikirobaọ́lọ́jì fún àwọn ọmọ ọdún kejì ní yunifásítì tí mo ti ń kọ́ni nílẹ̀ Yorùbá. Kíláàsì náà máa ń kún. Kì í ṣe àwọn ọmọ ẹ̀ka tiwa nìkan ló ń jókòó síbẹ̀, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìmọ̀ oúnjẹ àti ìmọ̀ ọ̀gbìn náà ń bẹ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà la ti ń ṣe ìdánwò: ìbéèrè kan, ìdáhùn mẹ́rin, kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ọ̀kan. Wọ́n ní kí a kó gbogbo ìbéèrè tó wà káàkiri ọwọ́ àwọn olùkọ́ jọ síbì kan, kí a sì lẹ àmì mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣètò ìdánwò lè mọ irú ìrònú tí ìbéèrè náà ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ.

Ìpele mẹ́fà ni Benjamin Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín ọ̀rọ̀ yìí sí ní 1956, Anderson àti Krathwohl sì tún un tò ní 2001. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la kọ́kọ́ fẹ́ lò. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ méjì bá jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti lẹ àmì mọ́ ìbéèrè kan náà, èyí tí ẹnì kan pè ní ìtúpalẹ̀ ni ẹnìkejì máa pè ní ìdájọ́, tí kálukú á sì ní àwíjàre tirẹ̀. A fi mọ sí mẹ́ta: ìrántí, òye, ìlò. Bí ọmọ bá kàn ní láti sọ ohun tí wọ́n ti sọ fún un, ìrántí ni. Bó bá ní láti mọ ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀, kó tó lè sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀yà kan bá yí padà, òye ni. Bí a bá gbé ọ̀ràn kan síwájú rẹ̀ tí kò rí irú rẹ̀ rí, tí òun fúnra rẹ̀ ní láti mọ èwo nínú ohun tó kọ́ ni yóò fà yọ, ìlò nìyẹn. Àmì mẹ́ta yìí ló mú kí ọ̀rọ̀ wa máa bára mu.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ní ìwé pélébé kan tó to ọ̀rọ̀-ìṣe sábẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan: “dárúkọ” wà lábẹ́ ìrántí, “ṣàlàyé” wà lábẹ́ òye, “ṣírò” wà lábẹ́ ìlò. Wọ́n á wo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìbéèrè, wọ́n á lẹ àmì, wọ́n á sì bọ́ sórí òmíràn. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ lórí ìpa-láró Gram, ọ̀nà tí a ń gbà fi àwọ̀ pín kòkòrò sí oríṣi méjì: “Ṣàlàyé ìdí tí àwọ̀ elésè àlùkò kì í fi í ṣí lára kòkòrò Gram-pọ́sítíìfù lẹ́yìn tí a bá ti da ọtí líle sí i.” Àmì òye ló lẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbé hándáùtì kíláàsì náà, mo ṣí i. Gbólóhùn náà wà níbẹ̀ kedere pé ògiri pẹptidoglíkáànì tó nípọn ni kì í jẹ́ kí àdàpọ̀ kírísítà fáyólẹ́ẹ̀tì àti áyódíìnì jáde. Àwọn ọmọ á há a sórí, wọ́n á sì kọ ọ́ jáde bó ṣe wà.

Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, mà, ìrántí lèyí.”

Wọ́n ní, “Ṣé ‘ṣàlàyé’ tí mo kọ síbẹ̀ ò tó ni?”

Mo ka ìlà náà sí wọn létí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ó dáa, èmi náà ni mo kọ hándáùtì ọ̀hún.” Láti ọjọ́ náà la ti fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lẹ àmì mọ́ ìbéèrè láìṣí hándáùtì àti ìwé iṣẹ́ láàbù síwájú. Ohun tí ọmọ ti rí kó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò ló ń pinnu ìpele ìbéèrè, ọ̀rọ̀-ìṣe kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìpa-láró Gram yìí kan náà ṣàpẹẹrẹ, torí kò sí ọmọ maikirobaọ́lọ́jì tí kò ṣe é rí. Ará Dẹ́nímáàkì kan, Hans Christian Gram, ló gbé ọ̀nà náà jáde ní 1884. Bí a ṣe ń ṣe é lónìí, a ó da kírísítà fáyólẹ́ẹ̀tì sórí kòkòrò tí a ti gbẹ mọ́ síláìdì, a ó da áyódíìnì lé e, a ó fi ọtí líle ṣan án, a ó wá fi sáfíránìn parí rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ Gram-pọ́sítíìfù á wà ní àwọ̀ elésè àlùkò, èyí tó bá jẹ́ Gram-nẹ́gátíìfù á pupa rẹ́súrẹ́sú.

Bí mo bá bi ọmọ pé èwo nínú mẹ́rin yìí ni a fi ń ṣí àwọ̀, ìrántí ni, kò sí àríyànjiyàn. Bí mo bá bi í pé akẹ́kọ̀ọ́ kan gbàgbé áyódíìnì ṣùgbọ́n ó ṣe gbogbo ìyókù bó ṣe yẹ, àwọ̀ wo ni Gram-pọ́sítíìfù àti Gram-nẹ́gátíìfù máa ní? Ó ní láti mọ iṣẹ́ tí áyódíìnì ń ṣe: òun ló ń so pọ̀ mọ́ kírísítà fáyólẹ́ẹ̀tì nínú sẹ́ẹ̀lì, kó lè di ohun ńlá tí kò rọrùn láti fà jáde. Láìsí i, ọtí á fọ àwọ̀ kúrò lára méjèèjì, sáfíránìn á sì sọ méjèèjì di pupa rẹ́súrẹ́sú. Òye nìyẹn, bí kò bá ti sí nínú hándáùtì.

Èyí tí a fi àmì ìlò sí nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan pa síláìdì mẹ́ta láró lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan jẹ́ Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì ọ́ríọ̀sì, ọ̀kan jẹ́ Í-kólì, ẹ̀kẹta sì jẹ́ kòkòrò tí kò mọ̀, tó gbà láti ara omi kànga. Nígbà tó wò wọ́n lábẹ́ maikirosikóòpù, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pupa rẹ́súrẹ́sú. Kí ló yẹ kó kọ nípa kòkòrò inú omi náà? Ìdáhùn kan ní kó kọ ọ́ pé Gram-nẹ́gátíìfù ni. Èkejì ní kó kọ ọ́ pé Gram-pọ́sítíìfù ni, torí pé Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì náà pupa. Ẹ̀kẹta ní kò tíì lè sọ ohunkóhun, kó tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa láró. Ẹ̀kẹrin ní omi kànga náà ti kó Í-kólì.

Ẹ̀kẹta ló tọ̀nà. Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì tó yẹ kó jẹ́ elésè àlùkò ló pupa, ìyẹn ni pé iṣẹ́ ìpa-láró fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́, bóyá ọtí ti pẹ́ jù lórí rẹ̀, bóyá áyódíìnì ni kò sí. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni ẹ̀tàn tó lágbára jù níbẹ̀, torí ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni pé pupa túmọ̀ sí nẹ́gátíìfù. Ọmọ tó há ìlànà yẹn sórí, tí kò bi ara rẹ̀ pé kí ni síláìdì méjì yòókù ń ṣe níbẹ̀, ibẹ̀ ló máa tẹ̀. Mo fẹ́ràn ìdáhùn ẹ̀tàn tó rí báyìí, èyí tó ń fa ọmọ tó mọ nǹkan kan ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ ọ́n dé ìdí. Ìdáhùn ẹ̀kẹrin kò wúlò tó bẹ́ẹ̀; a kàn fi kún àyè ni, torí kọ̀ǹpútà fẹ́ mẹ́rin. Èmi gbà pé ìdáhùn mẹ́ta tó dára sàn ju mẹ́rin tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àtamọ́-àtamọ̀ lọ.

Ìbéèrè yẹn ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tẹkinọ́lọ́jíìsì láàbù wa, tó mọṣẹ́ dunjú, fi ìlà kan kún ìwé iṣẹ́ láàbù: “Bí Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì rẹ bá pupa, má kọ àbájáde kankan sílẹ̀, tún un ṣe.” Ìmọ̀ràn gidi ni, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìlà náà ti wọ inú ìwé ni ìbéèrè wa ti kúrò ní ìlò tó sì ti di ìrántí, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó fọwọ́ kan kọ́mà kan nínú rẹ̀. Bí a kò bá yí àmì rẹ̀ padà, ìwé ìdánwò wa á máa sọ fún ọ̀gá ẹ̀ka pé a ń dán ìlò wò, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ọmọ kà ní àná là ń gbà padà lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò tún wá jẹ́ ibòmíràn tí àmì ti máa ń ṣini lọ́nà. Gbogbo olùkọ́ ló gbà pé ìbéèrè tó bá ti ní nọ́ńbà nínú, ìlò ni. Ẹ wo kíka kólónì, ìyẹn ìṣù kòkòrò tó hù lórí ágà tí a fi ń tọ́ wọn. A bomi la àpẹẹrẹ wàrà ní ìlọ́po mẹ́wàá-mẹ́wàá, mílílítà 1 sínú mílílítà 9, a sì da mílílítà 0.1 láti inú ìgò kọ̀ọ̀kan sórí abọ́ ágà. Abọ́ tí a kọ 10⁻⁴ sí lára kún ju ohun tó ṣeé kà lọ, 10⁻⁵ ní kólónì 168, 10⁻⁶ ní 17. Kòkòrò mélòó ló wà nínú mílílítà wàrà kan? Ọmọ mọ̀ pé abọ́ tó ní 30 sí 300 ni ká lò, ó mú 168, ó fi sínú fọ́múlà:

```
168 ÷ (10⁻⁵ × 0.1) = 1.68 × 10⁸
```

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gba òdo níbẹ̀, pàápàá àwọn tó ń gbàgbé 0.1 náà. Síbẹ̀, a ti ṣe irú rẹ̀ lójú pátákó, a sì ti fi àwọn mìíràn ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Nọ́ńbà nìkan la yí padà. Ó le, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n líle ìbéèrè lọ́tọ̀, ìpele ìrònú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ìrántí ìlànà ni mo pe èyí, a sì jà lé e lórí nínú ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó gbà. Bákan náà ni ìbéèrè kan wà tó ní kí ọmọ mú orúkọ kòkòrò kan tí kò wọ́pọ̀ láàárín orúkọ mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó ń gbà á, ìrántí pọ́nbélé sì ni.

Láti sọ kíka kólónì di ìlò, a jẹ́ kí nọ́ńbà wọn má bára mu. Ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ kan láàárín wa ló mú àbá wá. Ó kọ ọ́ pé 10⁻⁴ ní kólónì 210, 10⁻⁵ ní 195, 10⁻⁶ ní 20, ó wá béèrè ibi tí àṣìṣe náà ti wáyé. Èrò rẹ̀ ni pé ọmọ náà kò bomi la ìgò kejì, tó fi jẹ́ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìgò àkọ́kọ́. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó tì í, a rí i pé ìdáhùn mìíràn náà wà tó tọ̀nà tó bẹ́ẹ̀: ó lè jẹ́ pé àwọn ìgò pé pérépéré, abọ́ 10⁻⁴ nìkan ni wọ́n ṣèèṣì bu nǹkan sí láti inú ìgò 10⁻⁵. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, 195 àti 20 jẹ́ òtítọ́, abọ́ àkọ́kọ́ ni ìbá ti ní nǹkan bí 2,000, kó sì kún ju kíkà lọ. Nọ́ńbà mẹ́ta wọ̀nyẹn kò lè sọ èwo ló ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì. Ọmọ tó gbọ́n jù ní kíláàsì ló máa rí ọ̀nà méjèèjì, òun náà ló sì máa gba òdo.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo la yí padà: 20 di 2. Ó wá di 210, 195, 2. Bí 210 lórí 10⁻⁴ bá jẹ́ òtítọ́, ó yẹ kí 10⁻⁵ ní bíi 21, kí 10⁻⁶ sì ní bíi 2. Ẹ̀kẹta bá àkọ́kọ́ mu. Nítorí náà àwọn ìgò kò ní àléébù, torí láti inú ìgò 10⁻⁵ ni ìgò 10⁻⁶ ti jáde. Abọ́ àárín nìkan ló gba nǹkan láti inú ìgò tí kì í ṣe tirẹ̀, ìgò 10⁻⁴. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ pé 195 ló jẹ́ òtítọ́, ó di dandan kí abọ́ méjì yòókù jọ ṣì, àṣìṣe méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A wá bi ọmọ pé kí ni iye tó yẹ kó kọ. Ẹni tó bá lo 210 á rí 2.1 × 10⁷. Ẹni tó bá lo 195 láìronú á rí 1.95 × 10⁸, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó tọ́. Ẹni tó bá sọ pé kó pín méjèèjì sí àárín, torí àwọn méjèèjì wà láàárín 30 sí 300, á rí bíi 1.1 × 10⁸, ìdáhùn ẹ̀tàn tiwa tó ń pa èèyàn jù nìyẹn. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ìbéèrè yìí ni kólónì 2 yẹn. Òfin 30 sí 300 ti kọ́ àwọn ọmọ láti fojú fò ó, kò sì ṣeé fi ṣírò lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ni ẹlẹ́rìí tó ń sọ abọ́ tó ń purọ́.

Mo sọ pé ìbéèrè ìlò máa ń di ìrántí nígbà tí ìwé láàbù bá yí padà. Ọ̀nà kejì tó ń gbà ṣẹlẹ̀ wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìta ọgbà, nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé, wọ́n ń ta ìbéèrè ìdánwò ọdún tó kọjá ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni ìdánwò wa, síbẹ̀ àwọn ọmọ máa ń pín in láàárín ara wọn: ìwọ há ìbéèrè ìkíní sí ìkarùn-ún, èmi á há ìkẹfà sí ìkẹwàá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wà lórí Wásáàpù. Ìbéèrè ìrántí kò fi bẹ́ẹ̀ jìyà nínú èyí, torí bí ọmọ bá mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè ìlò ló ń kú, torí bí èèyàn bá ti gbọ́ “kólónì 195, mú 2.1”, kò sí ìrònú kankan mọ́ níbẹ̀.

Inú àbájáde ni a ti ń wò ó bóyá ìbéèrè kan ti jò. A ó to àwọn ọmọ láti orí ẹni tó gba máàkì jù dé ẹni tó gba tó kéré jù, a ó mú ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún lókè, àti ìdá 27 nísàlẹ̀. Ká ní ọmọ 200 ló jókòó, 54 ló máa wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Bí 40 lókè àti 19 nísàlẹ̀ bá gba ìbéèrè kan, iye àwọn tó gbà á nínú 108 jẹ́ 59, ìyẹn 0.55, ìyàtọ̀ òkè sí ìsàlẹ̀ sì jẹ́ 21 nínú 54, ìyẹn 0.39. Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó ń ya àwọn tó mọ̀ kúrò lára àwọn tí kò mọ̀. Bó bá di ìgbà mìíràn tí 51 lókè àti 48 nísàlẹ̀ gbà á, àwọn tó gbà á ti fò sí 0.92, ìyàtọ̀ sì ti lọ sílẹ̀ sí 0.06. Ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ ti kọ́ wọn dáadáa sí i lọ́dún yẹn, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ pé ìbéèrè ti jò. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n wo àwọn ìbéèrè mìíràn lórí kókó kan náà tí a kò lò rí. Bí àwọn yẹn kò bá gòkè, tí èyí nìkan ló fò sókè, ó ti jò.

Àtúnṣe ibẹ̀ kò sí nínú yíyí orúkọ padà. Bí a bá yọ wàrà kúrò tí a fi omi odò sí i, tí a sọ 210 di 230, àwọn ọmọ á dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ nínú ọ̀ràn náà la ní láti yí padà. A lè jẹ́ kí nọ́ńbà ṣubú bó ṣe yẹ láti 10⁻⁴ dé 10⁻⁶, kí a wá sọ pé abọ́ ágà kan tí a da omi tí a fi bomi là nìkan sí, láìsí àpẹẹrẹ kankan, náà hu kólónì 40. Ìlà ìrònú yẹn yàtọ̀ pátápátá, torí nísinsìnyí ìbéèrè ni pé ṣé ágà tàbí omi tí a fi bomi là ni kò mọ́, kò sì sí abọ́ kankan tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé títí a ó fi mọ̀. Ọmọ tó há “mú 2.1” sórí kò rí ibi tó máa fi sí.

Gbogbo èyí ló mú kí àkọsílẹ̀ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan nínú báńkì wa yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìpele nìkan kò tó mọ́. Báyìí ni ti kíka kólónì ṣe rí:

```
nomba:     KOL-07
ipele:     ìlò
ti_ko:     òfin 30-300; fọ́múlà; bíbomilà onílọ̀ọ́po 10
ko_tii_ri: abọ́ tí iye wọn kò bára mu
lo_gbeyin: 2023
gba: 0.55  iyato: 0.39
```

Ìlà `ko_tii_ri` ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Bí olùkọ́ kò bá lè kọ nǹkan kan síbẹ̀, kò lè fi àmì ìlò sórí ìbéèrè rẹ̀, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ò ní gbà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń kọ́ kíláàsì náà á ka ìlà yẹn nínú gbogbo ìbéèrè ìlò tó kan kókó rẹ̀, á sì sọ bóyá òun ti máa kọ́ wọn ní ohun tó wà níbẹ̀ lọ́dún yìí. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, àmì sọ̀ kalẹ̀. A kì í pa ìbéèrè tó bá sọ̀ kalẹ̀ rẹ́. A máa ń kó wọn lọ sínú ìdánrawò ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ tí kò ní máàkì, níbi tí àwọn ọmọ ti lè rí ìdáhùn àti ìdí rẹ̀. Síláìdì mẹ́ta tó pupa yẹn ti wà níbẹ̀ báyìí, a sì ti ń wá ẹni tó máa kọ òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí sáà tó ń bọ̀ tó dé.